Ọwọ́ Méjì Tó Wà Lókè

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, kí n tó sọ ohun tí orí mi sọ ọ́ dà.

Ọjọ́ Ìsinmi kan ni, nínú oṣù kọkànlá ọdún 1991, ní ṣọ́ọ̀ṣì àwa Yorùbá ní Treichville, nílùú Abidjan. Ọjọ́ ìkórè ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ìlú-ìlú la máa ń jó lọ síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ náà. Wọ́n á pe àwọn ará Sákété, wọ́n á jó lọ. Wọ́n á pe àwọn ará Àjàṣẹ́, àwọn náà á jó lọ. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní apẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, ọmọbìnrin àgbà láti ilé kan ló sì máa ń rù ú, ilé sí ilé ló ń yí ká. Lọ́dún yẹn, ó kan ilé Papa mi, Ọlọ́runlékè. Èmi Georgette nìkan ni ọmọ tí Papa ní, nítorí náà èmi ló kàn.

Mo ti wọ aṣọ tuntun. Mo ti gbé apẹ̀rẹ̀ sórí, ọsàn, iṣu àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó ló kún inú rẹ̀. Mo ti jó dé ìdajì ṣọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ mi méjèèjì di etí apẹ̀rẹ̀ mú, nígbà tí Ìyá Joachim, olórí àwọn obìnrin ìlú wa, bọ́ síwájú mi. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn ní, "Georgette, ọmọ ìlú ló ń gbé e. Bàbá tó bí ẹ kì í ṣe ará ìlú wa." Wọ́n gba apẹ̀rẹ̀ náà lórí mi, wọ́n gbé e sórí ara wọn, wọ́n sì jó lọ. Ọwọ́ mi méjèèjì ṣì wà lókè. Kò sí nǹkan kan lábẹ́ wọn mọ́.

Òótọ́ ni wọ́n sọ, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Oyún mi ti wà nínú ìyá mi nígbà tí Papa gbé e níyàwó. Ará Tógò kan tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté ló fún un lóyún, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Papa sọ mí lórúkọ, ó fún mi ní orúkọ ilé rẹ̀, ó rán mi ní ilé ìwé, kò sì fi ọjọ́ kan sọ fún mi pé èmi kọ́ ni òun bí. Màmá ló sọ fún mi nígbà tí àìsàn fẹ́ gbé e lọ, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí. Ní gbogbo Abidjan, mo rò pé èmi àti Papa nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ó lè má tó ìṣẹ́jú kan. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn lọ, mo ń wo ìṣẹ́jú kan yẹn bí ẹni ń wo fíìmù, nígbà ogún, nígbà ọgbọ̀n lóòjọ́.

Mo ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ní iléeṣẹ́ kan ní Zone industrielle, àdúgbò àwọn iléeṣẹ́, ní Yopougon, níbi tí wọ́n ti ń ṣe sálúbàtà oníróbà tí gbogbo ayé ń pè ní lêkê. Èmi kì í ṣe é, èmi ni mò ń yẹ̀ ẹ́ wò. Sálúbàtà á dé iwájú mi, màá wo okùn rẹ̀ bóyá ó ya, màá wo ìtẹ̀lẹ̀ rẹ̀ bóyá atẹ́gùn wọ inú róbà, màá wo irin ìdè rẹ̀, màá sì so òsì mọ́ ọ̀tún. Ọ̀rẹ́ mi Simone ló jókòó ní òdì kejì tábìlì, òun ló ń kó wọn sínú àpò. Láti kékeré ni mo ti mọ Simone. Ọmọ ìlú kan náà ni wá, tàbí kí n sọ pé ọmọ ìlú náà ni òun.

Iṣẹ́ ojú ni iṣẹ́ mi, ojú mi ò sì sí nílé mọ́. Màá mú sálúbàtà lọ́wọ́, màá gbọ́ òórùn ọsàn lára ẹnì kan tó ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́, kíá, mo ti wà ní ìdajì ṣọ́ọ̀ṣì. Apẹ̀rẹ̀ kúrò lórí mi. Ọwọ́ mi wà lókè. Ara mi á gbóná láti ọrùn dé etí. Màá sọ "Rárá!" sókè láìmọ̀, àwọn tó wà nítòsí á wò mí. Nígbà mìíràn màá máa dá Ìyá Joachim lóhùn nínú ọkàn mi. Mo ti dá wọn lóhùn ní ọ̀nà igba, èsì kan dùn ju èkejì lọ, kò sì sí èyí tó dé etí wọn.

Ohun tó burú jù ni pé fíìmù náà ń dàgbà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìyá yẹn nìkan ló wà níbẹ̀. Nígbà tó fi máa di Kérésì, ẹnì kan ti ń rẹ́rìn-ín ní ìjókòó ẹ̀yìn. Nígbà tó di oṣù kejì, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló ń rẹ́rìn-ín, pásítọ̀ gan-an ti gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mi ò mọ ìgbà tí mo fi wọ́n kún un. Ṣùgbọ́n kò kúrò lójú kan: bó bá ti dé ibi tí ọwọ́ mi wà lókè, á gé, á sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo sá fún ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sá fún Treichville pátápátá. Papa náà ò lọ mọ́. Lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀ gan-an, Papa jókòó sórí bẹ́ńṣì nínú àgbàlá wa, ó bi mí léèrè ẹ̀ẹ̀kan péré pé, "Georgette, ta ló ń gbé ọ̀rọ̀ ilé wa síta?" Mo ní, "Papa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbàgbé." Ìbéèrè yẹn kọjá lára mi bí omi ṣe ń kọjá lára ewé kókò, nítorí pé ọwọ́ mi tó wà lókè nìkan ni mò ń wò.

Simone nìkan ni mo ń sọ ọ́ fún. Kí n sọ òótọ́, òun ló máa ń béèrè. Ní ọ̀sán, tí a bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri iléeṣẹ́ tí a ń jẹ attiéké tí wọ́n ń fi gbáàgúdá ṣe, àti ẹja, á ní, "Ma copine, ọ̀rẹ́ mi, ó tún ti dé sí ẹ lójú, àbí? Sọ ọ́ jáde. Báwo ni Ìyá Joachim ṣe já a gbà?" Màá sọ ọ́. Á mi orí, á ṣe "tchrrr", á ní, "Obìnrin burúkú! Ọwọ́ ẹ wá wà lókè báyìí? Hẹn, tún sọ ọ́." Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún un. Mo máa ń rò pé bí kò bá sí Simone, mi ò bá ti ya wèrè.

Lóṣù kẹta, àpò kan padà wá láti Bouaké. Òsì méjì-méjì ni mo so pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ wo ogójì ènìyàn tó ní ẹsẹ̀ òsì méjì! Ọ̀gá wa Daouda, Díúlà kan tí kì í pariwo, fi í hàn mí láìsọ ohun púpọ̀. Nígbà tí èkejì padà láti Daloa, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, "Georgette, deux, ẹ̀ẹ̀mejì nìyí. Troisième, c'est fini, ẹlẹ́ẹ̀kẹta, iṣẹ́ tán. Kì í ṣe èmi, ilé iṣẹ́ lókè ló sọ bẹ́ẹ̀." Èmi ni mò ń san owó ilé tí èmi àti Papa ń gbé. Ojú Papa ti ń ṣú, kò lè ránṣọ mọ́. Bí mo bá pàdánù iṣẹ́ yẹn, kò sí ibòmíràn tí mo lè gbà gbọ́ bùkátà wa.

Ìbẹ̀rù wá di epo fún iná náà. Lọ́jọ́ kan, níbi tí mo ti ń fi ọ̀bẹ kékeré gé róbà tó yọ létí sálúbàtà, fíìmù náà dé, mo sì gé ìka mi. Wọ́n rán mi sí infirmerie, yàrá ìtọ́jú iléeṣẹ́. Saliou ni orúkọ olùtọ́jú tó wà níbẹ̀, Nàgó Sákété ni, irun rẹ̀ ti funfun. Bó ṣe ń fọ ojú ọgbẹ́ náà, ó ní, "Ìka kan náà lẹ gé lóṣù tó kọjá. Ibo lọkàn yín wà, ọmọ mi?"

Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Kò káàánú mi bí Simone ṣe máa ń ṣe. Ó kàn béèrè pé, "Ẹ̀ẹ̀melòó lóòjọ́?"

"Vingt fois, ìgbà ogún, tonton. Trente, ọgbọ̀n. Mo ń lé e, kò lọ. Mo ń kọrin, mo ń já ara mi léèékánná. Bí mo ṣe ń lé e ló ń pọ̀ sí i."

"Á pọ̀ sí i mà! Ẹ má ronú nípa ìka yìí títí màá fi di í tán." Ó di í. "Kí lẹ rò?"

Mo rẹ́rìn-ín, torí ìka náà nìkan ni mo rò.

Ó jókòó. Ó ní ní ilé ìwòsàn kan tí òun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nígbà èwe, òun fún ọkùnrin kan ní abẹ́rẹ́ ní ìdí níwájú gbogbo ènìyàn, ọkùnrin náà sì ń ké. Ó ṣe tán, aláìsàn kọ́ ni. Òun ló mú aláìsàn wá. "Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń wo ìdí ọkùnrin yẹn, ọmọ mi. Dókítà àgbà kan ló tú mi sílẹ̀. Ohun tó kọ́ mi kò ṣòro, sùúrù ló gbà." Ó gbé ìka kan sókè. "Àkọ́kọ́: ẹ má lé e, ẹ má sì gbà á lálejò. Ẹ dá àkókò fún un. Aago mélòó lẹ ń ṣíwọ́?"

"Quatre heures, aago mẹ́rin, tonton."

"Bon. Quatre heures et quart, aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ jókòó síbì kan, ẹ ronú ẹ̀ títí di quatre heures et demie, aago mẹ́rin àbọ̀. Ẹ ronú ẹ̀ dáadáa. Tó bá dé níwájú àkókò, ẹ sọ fún un pé: mo rí ẹ, quatre heures et quart. Kẹ́ ẹ padà sí ohun tó wà lọ́wọ́ yín. Kì í ṣe nínú ọkàn nìkan o. Ẹ fi ẹnu dárúkọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín."

"Ó máa lọ?"

"Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó máa bínú sí yín. Ẹ máa padà, ìgbà tẹ́ ẹ bá padà náà ni iṣẹ́ yẹn. Ẹ má ka iye ìgbà tó dé, ẹ ka iye ìgbà tẹ́ ẹ padà."

Ó béèrè ohun kan sí i, tó mú mi bínú díẹ̀. Ó ní kí ni mò ń wá nínú fíìmù náà. Mo ní mò ń wá ìdí tí mi ò fi lè sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, "Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ṣé ẹ ti rí i?" Mi ò rí i. "Ìbéèrè tí kò gbé yín lọ síbì kankan, kì í ṣe ìbéèrè. Ẹ ń yí lójú kan ni."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, òórùn ọsàn dé. Mo ní, "Mo rí ẹ. Quatre heures et quart." Mo wo ọwọ́ mi, mo sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́: "Òsì. Òdíwọ̀n ogójì. Okùn rẹ̀ pé. Kò sí atẹ́gùn. Irin ìdè wà." Mo mú èkejì: "Ọ̀tún. Ogójì." Kò pẹ́ tó fi tún dé. Mo tún padà. Òógùn bò mí bí ẹni tó ń ti ọkọ̀. Simone ń wò mí láti òdì kejì, ó ní, "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" Mo ní, "Sálúbàtà." Àwọn obìnrin yòókù rẹ́rìn-ín, mo jẹ́ kí wọ́n rín in.

Ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo jókòó sórí bẹ́ńṣì ìdúró gbaka, àwọn bọ́ọ̀sì kékeré wa, níta iléeṣẹ́, mo ní kó máa bọ̀. Ó ya mí lẹ́nu pé ó ń lọ́ra. Ohun tó ti ń jà mí láti àárọ̀, nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn fún un, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àmọ́ ó wọlé nígbẹ̀yìn, mo sì sunkún lójú gbogbo èrò ìkóríta Siporex.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ burú bí Saliou ṣe sọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọjọ́ kan wà tí mo jókòó sórí bẹ́ńṣì náà, mo pe fíìmù, ó bẹ̀rẹ̀, ó parí, mo tún un ṣe, ó parí, nígbà tó fi máa di ìgbà karùn-ún, ó ti sú mi. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ó sú mi! Mò ń wo obìnrin kan tó ń ta ẹ̀pà níwájú, mò ń rò ó bóyá kí n rà. Mo padà sílé, mo sọ fún Papa pé mo ra ẹ̀pà. Papa ò mọ ìdí tí mo fi ń rẹ́rìn-ín.

Simone ò fẹ́ràn ọ̀nà tuntun yìí. Ní ọ̀sán, á ní, "Sọ ọ́ jáde o, kó má bàa pa ẹ́ sínú." Mo ní, "Mi ò sọ ọ́ ní ọ̀sán mọ́. Quatre heures et quart ni àkókò ẹ̀." Ó wò mí bí ẹni tí mo gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé ó ń jowú Saliou ni.

Nígbà tí mo padà lọ fún ìka mi, Saliou fi iṣẹ́ kejì kún un. Ó ní fíìmù mi ní àrùn méjì. Inú ara mi nìkan ni mo ti ń wò ó, bẹ́ẹ̀ ojú tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì lé ní igba. Àti pé ó ń gé síbi tó burú jù, bíi pé mo kú síbẹ̀. "Ẹ ò kú. Ẹ padà sílé, ẹ jẹun. Ẹ sọ ọ́ bíi pé Georgette kan ló ṣẹlẹ̀ sí, kẹ́ni tó ń wò ó wà níbòmíràn. Ẹ má dúró síbi ọwọ́. Ẹ sọ ọ́ débi oúnjẹ."

Mo yan Mouritala. Òun ló ń ṣọ́ géètì ṣọ́ọ̀ṣì wa, Mùsùlùmí jẹ́jẹ́ kan tó máa ń jókòó sórí àga onírin kan, tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà ńlá. Ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo jókòó sórí bẹ́ńṣì mi, mo fi ara mi sórí àga Mouritala. Mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: Georgette wà nínú lọ́hùn-ún, ó kéré, ó kẹ́yìn sí mi. Obìnrin àgbà kan gba apẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀. Ọwọ́ Georgette wà lókè. Níbẹ̀ ló ti máa ń gé. Mo fi ipá sọ ọ̀rọ̀ tó kàn: Georgette sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó yí padà. Ó ń sáré bọ̀. Ó jáde sínú oòrùn, ó kọjá lábẹ́ igi máńgòrò. Simone wà lẹ́nu géètì. Ó di ọwọ́ Georgette mú, ó ní, "Wá, wá, má wẹ̀yìn." Takisí ti dúró, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Simone gbé báàgì Georgette lé e lọ́wọ́. Wọ́n wọlé. Wọ́n dé ilé. Papa dé lẹ́yìn wọn. Ìrẹsì la jẹ.

Inú mi dùn. Mo ti débi oúnjẹ. Mo dìde láti wọ gbaka, ẹsẹ̀ mi kan ti wà lórí ọkọ̀, nígbà náà ni báàgì yẹn padà sí mi lọ́kàn.

Báàgì mi. Ìjókòó ni mo fi í sí kí n tó gbé apẹ̀rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Simone, ní ìlà kejì, níwájú. Èmi ni mo sáré jáde. Báwo ni ẹni tó jókòó níwájú ṣe dé géètì ṣáájú mi, pẹ̀lú báàgì tèmi àti tirẹ̀, pẹ̀lú takisí tó ti dúró?

"Madame, o ń gun ọkọ̀ àbí o ò gùn ún?" ni ẹni tó ń gba owó ọkọ̀ béèrè. Mi ò gùn ún.

Kí ẹ má bàa rò pé mo sáré dá a lẹ́bi: mo ti mọ̀ nígbà náà pé orí mi máa ń fi nǹkan kún nǹkan. Ẹni tó ti fi ẹ̀rín igba ènìyàn kún fíìmù lè fi báàgì kún un. Ìbéèrè yìí sì yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, torí ó ní ibi tó lè gbé mi lọ. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Treichville fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù kọkànlá.

Ṣọ́ọ̀ṣì ṣófo, obìnrin méjì ń gbálẹ̀. Mo rìn dé ìdajì, mo dúró síbẹ̀. Àyà mi ń lù kìkì, ara mi gbóná. Mi ò sá. Mo dúró títí tí àyà mi fi rẹlẹ̀, ó sì rẹlẹ̀. Ilẹ̀ lásán ni, àwọ̀ eérú, igun kan rẹ̀ ti là. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà kí mi, ó ní, "Georgette, ó tójọ́ mẹ́ta! A ò rí yín láti ọjọ́ àgbò." Mo ní ọjọ́ àgbò wo? Ó ní, "Ìkórè náà! Ọjọ́ tí àgbò àwọn ará Sákété já, tó kan dírékítọ̀ kọ́ọ̀rù mọ́ ògiri!" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Oṣù márùn-ún ni mo fi fara pamọ́, ìtìjú mi ò mà tó ti àgbò.

Mouritala wà lórí àga rẹ̀. Lẹ́yìn ìkíni, mo bi í léèrè bóyá wọ́n rín mi lọ́jọ́ yẹn.

"Rín ẹ? Wallahi, mi ò gbọ́ ẹ̀rín kankan. Mo kàn rí i tí Ìyá Joachim gba apẹ̀rẹ̀, tí ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Nígbà tó o lọ tán, àgbò wá já. Ìgbà yẹn ni wọ́n rẹ́rìn-ín."

"Simone ń kọ́?"

"Ọ̀rẹ́ ẹ ṣe gudugudu méje lọ́jọ́ yẹn." Ó ń yìn ín ni, òótọ́ inú rẹ̀ ni. "Wọn ò tíì pe ìlú kankan rárá tó fi jáde wá bá mi, báàgì méjì ló gbé dání. Ó ní kí n bá òun wá takisí tó máa dúró, pé ọ̀rẹ́ òun máa tó jáde, ara ẹ̀ ò ní yá. Mo ní, ẹni tó fẹ́ràn ènìyàn nìyí."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe padà dé Yopougon. Papa wà lórí bẹ́ńṣì rẹ̀ nínú àgbàlá. Mo kúnlẹ̀ ti ẹsẹ̀ rẹ̀, mo ní, "Papa, ẹ bi mí léèrè lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo gbé e síta. Simone ni mo sọ fún." Nínú gbaka ni, lọ́dún méjì ṣáájú, ọjọ́ ìrántí ikú Màmá, mo ń sunkún, mo sì sọ ọ́ fún un. Mo ti gbàgbé pé mo sọ ọ́, torí tí mo bá sọ̀rọ̀ fún Simone, bíi pé ara mi ni mo sọ ọ́ fún ló máa ń rí. Papa fọwọ́ lé orí mi. Ó ní, "Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀tá ló gbé e síta."

Ní ọjọ́ Ajé, ní ọ̀sán, a jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Simone ṣí attiéké rẹ̀, ó ní, "O ò ní sọ nǹkan kan fún mi lónìí náà?"

Mo ní, "Màá sọ. Wọ́n gba apẹ̀rẹ̀ lórí mi. Mo sáré jáde. O wà lẹ́nu géètì. Takisí ti dúró. Báàgì mi wà lọ́wọ́ ẹ."

Ṣíbí rẹ̀ dúró.

"Gbogbo oṣù yìí, Simone, o ń ní kí n sọ ọ́. O ò jẹ́ kí n kọjá ibi ọwọ́ rí. Màá dé ibẹ̀, wàá ní kí n tún un sọ."

"Mo rò pé ó ń tù ẹ́ nínú ni."

"Ta ló sọ fún Ìyá Joachim?"

Nígbà tó sọ ọ́, ilẹ̀ ló ń wò. "À ń rán aṣọ apẹ̀rẹ̀ nílé wọn. Wọ́n ń yìn ẹ́ ṣáá. Georgette ṣe báyìí, Georgette ìwà rere, ọmọ gidi ilé Ọlọ́runlékè. Trois semaines, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Ó bọ́ lẹ́nu mi. Wallaï, Géo, ó kàn bọ́ ni."

"Nígbà wo lo mọ̀ pé wọ́n máa gbà á lórí mi?"

"Samedi."

"Ọjọ́ Àbámẹ́ta lo mọ̀. O bá mi di irun lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yẹn."

"Tí mo bá sọ fún ẹ, wàá béèrè ẹni tó sọ fún wọn." Omi ti bọ́ lójú rẹ̀. "Mo ṣe ohun tí mo lè ṣe. Mo wá takisí."

Ìdáhùn yẹn gún mi ju ohùn Ìyá Joachim lọ. Ìyá yẹn ò fẹ́ràn mi, wọn ò sì sọ pé àwọn fẹ́ràn mi. Ẹni tó di irun mi ló mọ̀ pé wọ́n máa tú mi síhòòhò lọ́la, ó fi ọ̀já parí irun náà, ó ní mo rẹwà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó jókòó ti ìtìjú mi fún oṣù márùn-ún, ó ń fẹ́ iná sí i, kí n má bàa gbójú sókè rí òun.

Agogo iṣẹ́ lù. Simone ní, "Sọ nǹkan kan. Bú mi. Géo, bú mi."

Gbogbo èébú tó wà nínú ayé ti tò sẹ́nu mi. Mo sì rí fíìmù tuntun tó ń gbára jọ: ọwọ́ Simone nínú irun mi, ìyarun, ẹnu rẹ̀ tó ń sọ pé mo rẹwà. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n báyìí, mo mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo ní, "Quatre heures et quart."

Daouda wà nídìí tábìlì, ó ń wo àpò mi. A jókòó ní òdì kejì ara wa, èmi àti Simone, wákàtí mẹ́ta gbáko. Òsì. Òdíwọ̀n méjìlélógójì. Okùn rẹ̀ pé. Ó dé, mo padà. Ọ̀tún. Méjìlélógójì. Kò sí atẹ́gùn. Simone ń fọn imú, ó ń kó ohun tí mo yẹ̀ wò sínú àpò. Mi ò wojú rẹ̀, ojú mi wà lára sálúbàtà. Nígbà tí Daouda tú àpò mi mẹ́ta yẹ̀ wò kí a tó ṣíwọ́, kò rí òsì méjì níbì kankan. Ó ní, "C'est propre, ó mọ́." Ó so ẹnu wọn.

Ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo jókòó sórí bẹ́ńṣì mi. Mo kọ́kọ́ pe fíìmù àtijọ́, bó ṣe yẹ. Wọ́n gba apẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ mi wà lókè, mo sọ wọ́n kalẹ̀, ó tán síbẹ̀. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ tó kàn mí.

Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni mo wá rí. Ọ̀rẹ́ mi, tí mo mọ̀ láti ìgbà tí a ò tíì mọ ọwọ́ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún, ni mo pàdánù lọ́jọ́ náà, mi ò sì rí àyè ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ torí pé ojú ń tì mí. Mo sunkún rẹ̀ dáadáa, fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Simone dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn gbaka tó dúró síwájú mi, èyí tí a máa ń wọ̀ pọ̀. Ó ti gba àyè méjì. Ó na ọwọ́ kan sí mi, bó ṣe máa ń ṣe láti gba báàgì mi kí n lè rí ibi gòkè.

Aago mẹ́rin àbọ̀ lù. Mo nu ojú mi, mo gbé báàgì mi fúnra mi, mo sì dúró de ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn.